Pupa kọ́tìnì kò kúrò létí irun lẹ́yìn tí mo gé fọ́tò jáde

Fótò_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìdílé kan gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú àti báńà fún mi. Fọ́tò kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ọmọ olóògbé fẹnu kò lé lórí, èyí tí màmá wọn yà ní sítúdíò nígbà kan, tí kọ́tìnì pupa wà lẹ́yìn wọn. Màmá ò wé gèlè lọ́jọ́ náà. Irun wọn ti di eérú-eérú, ó sì fọ́n díẹ̀ yíká orí. Búbà léèsì funfun ni wọ́n wọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ kí ẹ̀yìn fọ́tò náà funfun báláú.

Mo fi Select Subject mú màmá nínú Photoshop, mo fi másíìkì sí i, mo sì gbé léyà funfun sábẹ́. Ojú wọn mọ́, ara wọn dá gedegbe. Àmọ́ yíká irun wọn, pupa kan ń ta jáde, tó bá dé orí funfun, ó di pínkì. Èjìká búbà wọn lọ́wọ́ òsì náà ń pọ́n. Mo fa Feather sókè kí etí rẹ̀ lè rọ̀, ńṣe ni pínkì yẹn tún fẹ̀ sí i. Mo ní kí n pa etí irun náà rẹ́, orí màmá wá rí roboto, kò jọ irun mọ́. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe irú èyí? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́.

KòsíWàhálà

Bọ̀dá mi, ìyẹn ò le rárá. Ẹ yan másíìkì yẹn, ẹ tẹ Alt+Ctrl+R kí Select and Mask ṣí. Ẹ lọ sísàlẹ̀ níbi Output Settings, ẹ mú Decontaminate Colors, ẹ fà á dé 100%, ẹ tẹ OK. Ó tán. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo tèmi nìyẹn, kò sí oníbàárà tó dá iṣẹ́ padà fún mi nítorí etí fọ́tò.

Fótò_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé. Mo ti ṣe é. Ti irun gbà díẹ̀, pínkì rẹ̀ dínkù. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọrùn màmá ti pàdé kọ́là búbà, àwọ̀ ọrùn ti ràn sórí léèsì. Àwọn ihò léèsì tó wà létí apá náà ti dí, gbogbo rẹ̀ wá rí pẹlẹbẹ. Léyà tuntun ló sì yọ sí mi, mi ò rí ibi tí mo ti lè dín 100% yẹn kù mọ́.

Àrẹ̀mú_Ṣómólú

Àbúrò, ohun tí KòsíWàhálà sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Irinṣẹ́ yẹn máa ń yọ àwọ̀ tó wà létí, á wá mú àwọ̀ inú tó bá wà nítòsí rọ́pò rẹ̀. Níbi tí irun nìkan wà nítòsí, irun ló máa mú, iṣẹ́ á dára. Níbi tí ọrùn àti léèsì ti jọ pàdé, kò mọ èyí tó yẹ kó mú, ó lè mú èyíkéyìí. Ìdí tó sì fi ń gbé léyà tuntun jáde ni pé ó ti yí fọ́tò fúnra rẹ̀ padà, kì í ṣe másíìkì nìkan ló fọwọ́ kàn. Nítorí náà má sọ léyà àkọ́kọ́ rẹ nù rárá.

Kí a tó sọ ohun tí wàá ṣe, ṣe nǹkan méjì yìí fún mi. Àkọ́kọ́, ṣí pánẹ́ẹ̀lì Info, gbé Eyedropper lé àárín irun màmá níbi tí kò sí pupa kankan, ka nọ́ńbà R, G àti B. Lẹ́yìn náà, gbé e lé kọ́tìnì tó sún mọ́ orí wọn, ka tibẹ̀ náà. Kọ méjèèjì síbí.

Èkejì, sún mọ́ èjìká tó ń pọ́n yẹn dé 200%. Wò ó bóyá etí nìkan ni pupa náà wà, bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, àbí ó wọnú aṣọ lọ tó sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀.

Táíwò_Fíìmù

Ẹ kú ìjíròrò o. Tèmi náà rèé, mo ń ya fíìmù kúkúrú, aṣọ àwọ̀ ewé ni mo ta sẹ́yìn àwọn òṣèré. Ewé yẹn ń hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ṣé Select and Mask á mú un kúrò nínú fídíò?

Àrẹ̀mú_Ṣómólú

Táíwò, fídíò ò gba ibí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ni fídíò, o ò lè máa fọwọ́ ṣe másíìkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ohun kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ bá ti àbúrò wa mu: ewé tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kò wá láti etí. Ìmọ́lẹ̀ ló kọlu aṣọ ewé, tó ta padà sójú òṣèré. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yà, jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí aṣọ náà dáadáa, kí iná tó wà lórí aṣọ sì yàtọ̀ sí iná tó wà lórí èèyàn. Nínú ètò tí o fi ń ṣe fídíò, wá ohun tí wọ́n kọ "Spill" sí.

Fótò_Mọ́kọ́lá

Ọ̀gá mi, mo ti ṣe é. Irun: R 150, G 145, B 140. Kọ́tìnì: R 180, G 30, B 35. Kọ́tìnì yẹn ní ìṣẹ́po, níbi tó ti ṣókùnkùn ó kéré sí ìyẹn. Ti èjìká, pupa náà wọnú aṣọ lọ, ó tó ìbú ìka méjì lójú kọ̀ǹpútà mi, ó sì ń ṣá bó ṣe ń lọ sí àyà.

Àrẹ̀mú_Ṣómólú

Ó dára. Àìsàn méjì ló wà lára fọ́tò kan ṣoṣo nìyẹn, oògùn wọn ò sì pa pọ̀. Jẹ́ kí n mú irun ṣáájú.

Fọ́nrán irun kan tẹ́ẹ́rẹ́ ju píksẹ́lì lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Inú píksẹ́lì kan náà ni irun àti kọ́tìnì ti dà pọ̀ nígbà tí kámẹ́rà yà á. Bó ṣe dà pọ̀ nìyí:

```
àwọ̀ tó hàn = α × irun + (1 − α) × kọ́tìnì
```

α yẹn ni ìwọ̀n irun tó wà nínú píksẹ́lì náà, láti 0 dé 1. Ká ní ó jẹ́ ìdajì. Irun rẹ jẹ́ 150, 145, 140. Kọ́tìnì jẹ́ 180, 30, 35. Ìdajì àti ìdajì á fún ọ ní 165, 88, 88. Ìyẹn ni àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò rẹ.

Ká wá ní másíìkì rẹ dára gan-an, ó mọ̀ pé ìdajì ni irun náà, ó sì jẹ́ kí ìdajì funfun tó wà lábẹ́ yọ. Ohun tí wàá rí ni 210, 171, 171. Pínkì nìyẹn. Ohun tó yẹ kí o rí, tó bá jẹ́ irun nìkan ló wà lórí funfun, ni 203, 200, 198, eérú tó mọ́. Nítorí náà, másíìkì rẹ lè tọ̀nà pátápátá, kí pínkì ṣì wà. Másíìkì ló ń sọ bí nǹkan á ṣe hàn tó, kò sọ àwọ̀ tí nǹkan náà jẹ́. Bí epo bá ta sí aṣọ funfun, tí o fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tó pọ̀ jù sọ nù, epo tó ti wọ òwú tó kù ṣì wà níbẹ̀. Ìdí tí Feather fi bà á jẹ́ sí i nìyẹn: ó ń jẹ́ kí kọ́tìnì púpọ̀ sí i hàn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà rèé: kọ́kọ́ gba másíìkì tó tọ́, lẹ́yìn náà tún àwọ̀ ṣe lórí léyà ọ̀tọ̀. Tí o bá fẹ́ fi másíìkì nìkan ṣe méjèèjì, wàá gé irun ìyá onírun kúrò.

KòsíWàhálà

Ọ̀gá, mo gbọ́. Àmọ́ ti ká gba másíìkì tó tọ́, ṣánẹ́ẹ̀lì pupa ni wọ́n máa ń lò tí ẹ̀yìn bá jẹ́ pupa. Kọ́tìnì á mọ́lẹ̀, irun á dúdú, ẹ tẹ Ctrl+I, ó ti di másíìkì nìyẹn. Mo ti fi ṣe irun dúdú rí, ó mọ́ kedere.

Àrẹ̀mú_Ṣómólú

Irun dúdú lo wí yẹn. Wo nọ́ńbà màmá. Nínú ṣánẹ́ẹ̀lì pupa, irun jẹ́ 150, kọ́tìnì jẹ́ 180. Ọgbọ̀n péré ló wà láàárín wọn, ìṣẹ́po kọ́tìnì fúnra rẹ̀ á ti jẹ ìyàtọ̀ yẹn tán. Nínú ṣánẹ́ẹ̀lì ewé, irun jẹ́ 145, kọ́tìnì jẹ́ 30. Ibẹ̀ ni irun ti yọ dáadáa. Léèsì funfun náà á mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ṣánẹ́ẹ̀lì ewé ni kó lò, kò sì nílò Ctrl+I rárá, torí irun ti jẹ́ èyí tó mọ́lẹ̀, kọ́tìnì ti dúdú.

Àbúrò, bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Lọ sí pánẹ́ẹ̀lì Channels, tẹ Red, Green, Blue lọ́kọ̀ọ̀kan kí o fojú ara rẹ rí ohun tí mò ń sọ. Fa Green lọ sórí àmì Create new channel nísàlẹ̀, Green copy á yọ. Orí ẹ̀dà yẹn ni kí o ti ṣiṣẹ́, má fọwọ́ kan Green fúnra rẹ̀. Tẹ Ctrl+L kí Levels ṣí. Nínú àpótí mẹ́ta tó wà lábẹ́ Input Levels, kọ 30 sí ti òsì, fi ti àárín sílẹ̀ ní 1.00, kọ 145 sí ti ọ̀tún.

Má ṣe wò ó bíi nọ́ńbà tí mo kàn fojú dá. Kọ́tìnì tó jẹ́ 30 á di dúdú pátápátá, irun tó jẹ́ 145 á di funfun pátápátá, píksẹ́lì tó jẹ́ 88 yẹn á bọ́ sí ìdajì gẹ́lẹ́. Ìwọ̀n α tí a ń wá ló gbé fún ọ yẹn, láìsí búrọ́ọ̀ṣì kankan. Tí ìṣẹ́po kọ́tìnì bá ṣì ń hàn bí òjìji eérú nínú dúdú, gbé 30 yẹn lọ sí 40, má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá fà á jù, irun tẹ́ẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ lọ.

Ojú àti ọrùn màmá á ṣókùnkùn nínú ṣánẹ́ẹ̀lì yìí, torí ara wa kò mọ́lẹ̀ nínú ewé. Má bẹ̀rù. Mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, kun gbogbo inú ara àti ojú. Àbí kí o lo másíìkì tí Select Subject ti fún ọ tẹ́lẹ̀ fún ara, kí o wá fi ti ṣánẹ́ẹ̀lì rọ́pò àyíká irun nìkan. Èyí kejì ló yá jù. Lẹ́yìn náà, fi Ctrl tẹ àwòrán kékeré Green copy kí ó di sẹlẹ́kíṣọ̀n, padà sí RGB, kí o fi ṣe másíìkì.

AdùkẹLéésì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀dá. Ẹ dákun, tèmi rèé, ẹ má bínú pé mo já a gbà. Léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà lórí ayélujára. Orí pátákó funfun ni mo ti ń ya wọ́n, mo wá fẹ́ gbé wọn sórí dúdú kí wọ́n lè tàn. Ìlà funfun kan ń yí ìlẹ̀kẹ̀ ká, ó ń mú ojú mi sú. Ṣé ṣánẹ́ẹ̀lì ewé náà ni?

Àrẹ̀mú_Ṣómólú

Ìyá Adùkẹ́, rárá, tiyín rọrùn ju tiwọn lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ní etí líle, kò fọ́n bí irun. Lórí ẹ̀dà tí ẹ ti gé jáde pátápátá, tí kò ní másíìkì mọ́, ẹ lọ sí Layer > Matting > Remove White Matte. Ohun tó ń ṣe ni pé ó mọ̀ pé funfun ló dà pọ̀ mọ́ etí, ó sì ń yọ funfun náà jáde. Tí ìlà bá ṣì kù, ẹ padà sí èyí tó ní másíìkì, kí ẹ fa Shift Edge sí òdì díẹ̀, bíi −15 sí −25%. Ẹ ò ní pàdánù ohunkóhun tó ṣe pàtàkì létí ìlẹ̀kẹ̀. Lórí irun, n kò gba Shift Edge láàyè.

AdùkẹLéésì

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ó ti lọ lára ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn léèsì oníhò ló kù, mo máa fara balẹ̀ wò ó.

Yétúndé_Pẹ́kámù

Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá Àrẹ̀mú. Fọ́tò àtijọ́ ni mò ń tún ṣe níbí, ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi: báwo ni fọ́tò yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ àbúrò wa? Ó ní sítúdíò ni màmá ti yà á nígbà kan. Ṣé bébà ni, tí wọ́n fi fóònù yà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp?

Fótò_Mọ́kọ́lá

Àǹtí mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọmọ wọn tó wà ní Òṣogbo ló yà á lára férémù, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Yétúndé_Pẹ́kámù

Apá kan nínú pupa yẹn ti ibẹ̀ wá nìyẹn. Nígbà tí fọ́tò bá di JPEG tí wọ́n fún pọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni wọ́n máa ń fi pamọ́ ní kíkún. Àwọ̀ ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì ìbú àti ìdajì gíga ni wọ́n ń tọ́jú fún un. Pupa kọ́tìnì á wá ta wọnú irun ní píksẹ́lì kan tàbí méjì, àní níbi tí irun nìkan wà, tí másíìkì sì ti funfun pátápátá. Kò sí másíìkì tó lè rí ìyẹn, torí kò sí létí. Ó tún ń da ìṣirò bọ̀dá Àrẹ̀mú rú díẹ̀, nítorí ṣánẹ́ẹ̀lì ewé fúnra rẹ̀ ti gba lára àwọ̀ tó fọ́n yẹn. Ẹ sún mọ́ ọn dé 400%, ẹ máa rí pupa tó wà ní búlọ́ọ̀kù-búlọ́ọ̀kù, tí kò tẹ̀ lé ìrísí irun.

Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ bébà náà kúrò nínú férémù, kí wọ́n sì síkáànù rẹ̀ ní 600 dpi. Bébà 5 × 7 á fún yín ní 3000 × 4200 píksẹ́lì. Kí wọ́n fi pamọ́ ní TIFF tàbí PNG, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ ní Document lórí WhatsApp, kì í ṣe ní Photo. Tí bébà bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí wọ́n má fà á o. Kí wọ́n síkáànù rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì náà.

KòsíWàhálà

Gbogbo èyí dára, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́. Mo ṣì dúró lórí Decontaminate Colors, kí ó kàn má jẹ́ 100%. Ẹ ṣe é ní 40 tàbí 50%, lórí irun nìkan. Ẹ gbé másíìkì sórí léyà tuntun tó bá jáde kí ó má kan léèsì, léyà àkọ́kọ́ á máa gbé léèsì fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn?

Àrẹ̀mú_Ṣómólú

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu, n kò bá ọ jiyàn. Tó bá jẹ́ fọ́tò kékeré inú ìwé ètò, mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra mi. Báńà ló mú mi takú. Níbi tí orí màmá bá ti ga ju orí èèyàn tó ń wò ó lọ, gbogbo etí irun ló ń hàn, kò sì sí ibi téèyàn á fi pamọ́ sí.

Yétúndé náà sọ òótọ́. Àbúrò, pe ọmọ Òṣogbo yẹn lónìí, kí o tó ṣe ohunkóhun. Tí síkáànù ò bá wá, ọ̀nà kan náà la ó gbà, àbùkù rẹ̀ ló kàn máa pọ̀ sí i.

Ó kan àwọ̀ wàyí. Lórí léyà màmá tó ti ní másíìkì tuntun, gbé léyà òfìfo kan sókè, tẹ Alt+Ctrl+G kí ó so mọ́ ti ìsàlẹ̀, kí ohun tí o bá kùn má bàa jáde kọjá màmá. Yí blending mode rẹ̀ sí Color. Mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, Flow 20%. Tẹ Alt mọ́lẹ̀, kí o mú àwọ̀ irun láti inú, níbi tó jìnnà díẹ̀ sí etí, kí o wá kùn ún sórí etí tó pọ́n. Bó o ṣe ń yí orí ká, máa tún àwọ̀ mú, torí irun iwájú orí kì í ṣe àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ etí. Pupa á lọ lójú rẹ.

Nǹkan kan á ṣẹ́ kù tí wàá rí. Mode Color kì í yí bí ibẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó padà. Píksẹ́lì wa tó jẹ́ 165, 88, 88 ṣókùnkùn ju irun lọ tẹ́lẹ̀, bíi 111 sí 146. Tí pupa bá lọ, ó máa di eérú tó ṣókùnkùn ju irun tòótọ́. Lórí dúdú kò ní hàn, lórí funfun á dà bíi pé wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí orí ká. Nítorí náà, so Curves kan mọ́ ọn pẹ̀lú Alt+Ctrl+G, gbé àárín rẹ̀ sókè díẹ̀, fi dúdú bo másíìkì Curves náà, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun ṣí etí irun nìkan. Díẹ̀ ni o. Irun gidi máa ń ní fọ́nrán tó ṣókùnkùn, tó o bá fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ tán, irun á dà bí èyí tí wọ́n gé lára fọ́tò mìíràn.

Bó o ṣe ń ṣe é, má fojú sí funfun nìkan. Gbé léyà Solid Color sábẹ́, kí o máa yí i: funfun, dúdú, eérú. Pínkì hàn lórí funfun, etí tó mọ́lẹ̀ jù hàn lórí dúdú, pupa tó kù díẹ̀ sì máa ń hàn lórí eérú nígbà tí àwọn méjì yòókù bá ti bò ó.

Olùkọ́_Àbẹ̀òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní Photoshop tuntun. CS6 ni mo ní, kò sí Select and Mask nínú rẹ̀. Ṣé mo lè ṣe èyí?

Yétúndé_Pẹ́kámù

Ẹ lè ṣe é, ọ̀gá. Refine Edge ló wà nínú CS6, Decontaminate Colors àti Shift Edge wà nínú rẹ̀ náà. Ọ̀nà ṣánẹ́ẹ̀lì tí bọ̀dá Àrẹ̀mú ṣàlàyé yẹn ò sì nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Photopea, tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráwúsà, ní Channels, Levels àti mode Color, ẹ lè gbà á ní ọ̀nà kan náà.

Fótò_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú sùúrù, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Síkáànù ti dé láti Òṣogbo, wọ́n fi í ránṣẹ́ ní Document. Ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru! Àwọn búlọ́ọ̀kù pupa tí Àǹtí Yétúndé sọ kò sí mọ́. Mo tún nọ́ńbà kà: irun 158, 150, 143, kọ́tìnì 172, 26, 33. Mo fi 34 àti 150 sí Levels. Nígbà tí mo gbé másíìkì náà sórí léyà, mo rí fọ́nrán irun lókè orí màmá tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Mo kun àwọ̀, mo gbé Curves díẹ̀. Mo fi ti irun han ọmọbìnrin wọn, ó ní "Irun Màámi nìyí."

Ẹ jọ̀ọ́, èjìká ló kù, àti apá. Èjìká ṣì ń pọ́n, másíìkì ò tiẹ̀ kàn án. Ní ti apá, àwọn ihò léèsì tó wà létí dára, funfun ti yọ nínú wọn bó ṣe yẹ. Àmọ́ àwọn ihò tó wà lórí apá màmá gan-an ti lu, mo ń rí funfun níbi tó yẹ kí n rí ara wọn.

Àrẹ̀mú_Ṣómólú

Ayọ̀ ń bẹ́ nínú mi bí o ṣe sọ ti ọmọbìnrin yẹn.

Ti apá: ìdí rẹ̀ ni ohun tí mo sọ nípa ojú. Ara dúdú nínú ṣánẹ́ẹ̀lì ewé, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kọ́tìnì, ó sì rò pé kọ́tìnì ló wà nínú ihò. Àwọn ihò tí apá wà lẹ́yìn wọn, fi funfun kùn wọ́n lórí másíìkì. Àwọn tí kọ́tìnì wà lẹ́yìn wọn, fi wọ́n sílẹ̀. Ibi tí apá parí sí gan-an ni kí o ti fara balẹ̀, tan fọ́tò àkọ́kọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o lè máa wò ó. Kò sí ọ̀nà tó yá níbẹ̀, ojú àti ọwọ́ ni.

Ti èjìká: àìsàn kejì nìyẹn, tó dà bíi ti Táíwò. Pupa náà wọnú aṣọ lọ, ó sì ń ṣá, torí ìmọ́lẹ̀ ta lára kọ́tìnì padà sórí léèsì. Léèsì funfun máa ń gba gbogbo àwọ̀ tó bá wà nítòsí rẹ̀. Tó o bá fa másíìkì wọlé láti gé e, wàá gé èjìká màmá kúrò, pupa ṣì máa kù. So Hue/Saturation kan mọ́ léyà rẹ̀, yan Reds dípò Master, fa Saturation sílẹ̀ dé −60 tàbí −70, gbé Lightness sókè díẹ̀ péré. Lẹ́yìn náà bo másíìkì rẹ̀ ní dúdú, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kùn orí léèsì nìkan. Má jẹ́ kó kan ojú tàbí ọrùn. Pupa pọ̀ nínú àwọ̀ ara wa, tí Reds bá lọ sílẹ̀ níbẹ̀, ojú màmá á di eérú, ara ẹbí ò ní gbà á.

Má sì yọ gbogbo rẹ̀. Tí léèsì bá ti funfun déédéé láti apá kan dé èkejì, á dà bí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Jẹ́ kí òjìji díẹ̀ ṣẹ́ kù.

Yétúndé_Pẹ́kámù

Mo fẹ́ fi kan kún un. Ṣé funfun báláú ni wọ́n ní dandan? Tó bá jẹ́ àwọ̀ wáìnì ni wọ́n gbà, gbogbo pupa tó bá ṣẹ́ kù á bá a mu, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ìdajì iṣẹ́ yìí ì bá ti dínkù. Àní àwọ̀ kírímù á dára ju funfun lọ.

Fótò_Mọ́kọ́lá

Mo bi wọ́n, àǹtí mi. Àkọ́bí ní funfun ni gbogbo ẹbí máa wọ̀, funfun ni báńà gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo dúró síbẹ̀.

Mo ti ṣe èjìká, ó mọ́. Apá ti parí náà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe sí: yẹtí wúrà màmá. Nínú wúrà tó ń dán náà, èèyàn lè rí kọ́tìnì pupa, kékeré, àmọ́ lórí báńà á hàn.

Àrẹ̀mú_Ṣómólú

Mo máa fi sílẹ̀. Wúrà ń gba àwọ̀ yàrá, pupa sì bá wúrà mu. Ojú kì í bi í pé ibo ló ti wá.

Yétúndé_Pẹ́kámù

Èmi ò ní fi í sílẹ̀ o, bọ̀dá. Lórí funfun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ààmì pupa kan létí ni ojú máa kọ́kọ́ lọ bá. Mo máa dín Saturation rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ó jọ idẹ.

KòsíWàhálà

Ẹ tẹ méjèèjì sórí bébà A4 kan, ẹ fi han àkọ́bí yẹn, kó yan èyí tó bá wù ú.